Bá Mi Dé Ọ̀dọ̀ Wọn Yàtọ̀ sí Dúró fún Mi

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń da ìdọ̀tí sójú gọ́tà. A ti sọ ìyẹn títí, ẹnu wa ti fẹ́rẹ̀ bó. Ọ̀rọ̀ "ẹ bá mi sọ fún wọn" ni. Nínú ẹjọ́ tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ rò níwájú wa, èyí pọ̀. Ẹnì kan á wá, á ní, "Mo bẹ lágbájá pé kó mú mi mọ kọ́sítọ́mà rẹ̀ ní Balógun. Ó ní òun á ṣe é. Oṣù mẹ́ta rè é, kò ṣe nǹkan kan. Ṣé kò fẹ́ kí èmi náà jẹun ni?" Ẹlòmíràn á wá lọ́jọ́ kejì, á ní, "Mo mú un débẹ̀ o, ó kó ọjà, kò sanwó, èmi ni wọ́n wá ń pè láàárọ̀ lálẹ́." A ti gbọ́ ti apá méjèèjì. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló sábà máa ń ba ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí bó ṣe gbé e kalẹ̀. Inú á bí àwọn kan sí wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń ta àdìrẹ àti kàm̀pálà ní Tejúoṣó. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó o wá sí Èkó ló ti ń rà á, kí òun tó tún un tà. Ó mọ̀ pé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ọjà náà ti ń wá. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò kàn wọ mọ́tò lọ sí Ìtòkú, ṣebí ẹnikẹ́ni ló lè wọlé síbẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì ti lọ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn yà wọlé, ohun tí wọ́n so kọ́ ni yóò rà, iye tí wọ́n bá pè fún àlejò ni yóò ná. Bí ẹnì kan bá wá bá a pé òun fẹ́ ọgbọ̀n aṣọ yàádì márùn-ún márùn-ún, àwọ̀ kan náà, fún aṣọ ẹbí, aláró wo ni yóò yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Bí ó bá sì délé tí àró ń ṣí lára aṣọ, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀? Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun tún wà nínú ọjà báyìí, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Tí ẹ bá yí i sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá, ojú rẹ̀ nìkan ló dán. Nítorí náà, aláró tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tó sì mọ orúkọ òun, ló ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Tejúoṣó nígbà tí iná jó o ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 mọ ohun tí à ń sọ. Kí wọ́n tó ṣí tuntun ní ọdún 2014, kálukú ti fọ́n ká. Ẹni tí olórí ọjà mọ ojú rẹ̀ lè lọ bá a, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti ń rà, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ?

Ẹni tó lè mú ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí dé ọ̀dọ̀ aláró wà. Màmá kan ni, ní Balógun, tó ń ta aṣọ funfun olówùú fún àwọn aláró láti ọjọ́ pípẹ́. Òun àti ọmọ ẹgbẹ́ wa ti jọ dá àjọ pọ̀ fún ọdún méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú. Ọmọ yìí bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá náà lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn oníbàárà kún bí eṣú. Ó dúró lójú gbogbo wọn, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá aláró yín ní Ìtòkú kí wọ́n máa kó ọjà fún mi, tí mo bá ti tà á màá máa sanwó. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà wọn." Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kò burú, a ó rí sí i." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Kò sí nǹkan kan. Ó pe màmá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní àwọn wà lójú ọ̀nà, àwọn ń gbàdúrà, àwọn ò tíì rí ìyá aláró. Ìgbà náà ló wá bá wa, omijé ti fẹ́ máa bọ́.

A bi í pé, "Kí ni o bẹ màmá gan-an?" Ó ní, "Mo kàn ní kí wọ́n mú mi mọ̀ ọ́n ni." Rárá o. Ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn rẹ̀ palẹ̀ bí ẹni ń tú ẹrù. Ó ní kí màmá bá aláró sọ̀rọ̀, ìyẹn ọ̀kan. Ó ní kí aláró máa kó ọjà àwìn fún ẹni tí kò rí rí. Orúkọ ta ni aláró yóò wò kó tó kó o? Ti màmá ni. Ó tún ní kí màmá fún òun ní nọ́ńbà tí kì í ṣe ti màmá. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwùjọ, níbi tí àgbàlagbà kò ti lè sọ pé rárá kí ojú má tì í, kí ojú má sì ti ọmọ náà. Ẹrù tó gbé lé màmá lórí pọ̀ ju ẹrù tó mọ̀ pé òun gbé lọ. Ohun tí màmá ṣe kì í ṣe ìkà. Ó ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe: ó ní "a ó rí sí i."

Ẹ̀yin ìyá wa, ìfinimọni yàtọ̀ sí ìdúró. Ẹni tó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Onídùúró ń bẹ nínú ilé náà títí gbèsè yóò fi tán. A gbọ́dọ̀ mọ èwo là ń bẹ̀. Ẹ wo àwọn Hausa onímàlúù ní Sábó, Ìbàdàn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Abner Cohen lọ gbé láàárín wọn, ó sì kọ ìwé nípa wọn tó jáde ní ọdún 1969. Nígbà náà, ẹni tó da màlúù wá láti òkè Ọya kò mọ alápatà Yorùbá kankan, àwìn sì ni àwọn alápatà ń rà. Baálé kan tó jẹ́ Hausa, tó ti pẹ́ nílùú, ni oníṣòwò náà máa ń dé sí nílé. Baálé yìí ló ń wá alápatà fún un, òun náà ló sì ń dúró fún gbèsè. Bí alápatà kò bá san, òun ni yóò fi owó tirẹ̀ dí i. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń san làádà fún un lórí màlúù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ni ìdúró, iṣẹ́ tó ní owó ọ̀yà, tí ẹni tó ń ṣe é sì ní agbára láti ru àdánù rẹ̀. Ọmọ wa ní kí màmá ṣe iṣẹ́ baálé Sábó lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ọjà, lọ́jọ́ Sátidé!

Àwa náà kì í ṣe angẹ́lì. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwa ìgbìmọ̀ mú obìnrin kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni, "Èèyàn mi ni, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe mí." Gbólóhùn yẹn ló fa wàhálà. Wọ́n ṣe obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń ṣe tirẹ̀, wọ́n kó ọjà àwìn fún un, ó gbé e, ó di àwátì. Oṣù mẹ́fà ni ẹni tiwa fi san án díẹ̀díẹ̀, kò sì fọwọ́ síwèé kankan, ẹnu lásán ló fi dúró. Láti ìgbà náà, tí ẹnì kan bá ní kó mú òun mọ èèyàn, ṣe ni ara rẹ̀ máa ń bù máṣọ. Ẹ má ṣe rò pé òun nìkan ni. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn màmá Balógun nìyẹn, kò kàn sọ ọ́ síta.

Nítorí náà, a jókòó ti ọmọ ẹgbẹ́ wa, a ní kó tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀ lọ́tun. Ohun àkọ́kọ́ tí a mú kúrò ni àwìn. Ó bínú díẹ̀, ó ní àwìn gan-an lòun ń wá. A bi í pé iye aṣọ mélòó ló lè fi owó ọwọ́ rà lẹ́ẹ̀kan. Ó ronú, ó ní ogún, yàádì márùn-ún márùn-ún. A ní ó dáa, ogún yẹn ni kó fi wọlé. Ẹni tó fẹ́ fi owó ọwọ́ ra ogún aṣọ, ẹni tí aláró ń wá ni. Màmá kò ní láti bẹ aláró nítorí rẹ̀ mọ́, ó ń mú oníbàárà bọ̀ fún un ni. Ẹ ò rí bí ẹ̀bẹ̀ kan náà ṣe fúyẹ́?

Ohun kejì ni nọ́ńbà. Ẹ rántí bí alárenà ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Kì í fa ọmọkùnrin lọ́wọ́ wọ ilé ìyá ọmọbìnrin lọ́jọ́ kìíní. Yóò kọ́kọ́ dá lọ, yóò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, yóò wò ó bóyá ojú ilé gbà á. Bí wọn kò bá fẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kú láàárín àgbà, ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́, tí àwọn méjèèjì sì ti mojú ara wọn, alárenà á yẹra. Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyí. Nọ́ńbà aláró kì í ṣe ẹrù màmá tí yóò kàn gbé fúnni. Ẹ ní kí màmá bi aláró léèrè kọ́kọ́, kí aláró fúnra rẹ̀ sọ pé kí ó wá tàbí kí ó má wá.

Ohun kẹta, tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu nígbà tí a sọ ọ́, ni pé kí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí alárenà yóò fi ránṣẹ́. Ìdí tí ìránṣẹ́ fi ń pẹ́ ni pé alárenà kò mọ ohun tí yóò sọ. Màmá á gbé fóònù, á ní "kí ni mo tún fẹ́ sọ fún wọn gan-an? Mélòó ló fẹ́ rà? Níbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà?" Oníbàárà á dé, á gbé fóònù kalẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà ní kíkọ, ìka kan ni yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ.

Mẹ́séèjì méjì la kọ, kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní jẹ́ ti màmá nìkan, ìkejì jẹ́ èyí tí màmá yóò kàn fi ṣọwọ́ sí aláró bó ṣe wà. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, tí "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi" wà nínú rẹ̀, màmá kò lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Èyí tí a kọ sí màmá lọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ Mọ̀mí. Èmi ni, tí a jọ dá àjọ. Ẹ má bínú pé mo sọ̀rọ̀ láàárín àwọn oníbàárà yín lọ́jọ́ Sátidé yẹn, n kò rò ó dáadáa. N kò fẹ́ àwìn mọ́, ẹ kò sì ní dúró fún mi. Mo kàn fẹ́ ra ogún aṣọ lọ́wọ́ ìyá aláró pẹ̀lú owó ọwọ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí wọn. Tí wọ́n bá ní kí n wá, ẹ sọ fún mi. Tí kò bá rọrùn fún yín, tàbí tí wọn kò bá fẹ́, kò sí wàhálà rárá, n kò tún ní béèrè, ọ̀rọ̀ wa kò sì yí padà."

Èyí tí aláró yóò rí lọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Mo ń ta àdìrẹ àti kàm̀pálà ní Tejúoṣó, Yábà, ó ti tó ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ máa rà lọ́wọ́ yín tààrà. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún aṣọ, yàádì márùn-ún márùn-ún, owó ọwọ́ ni màá fi rà á. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i, mo lè wá sí Ìtòkú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣeun Mà."

Ó tán. Ẹ wo bó ṣe kúrú tó. Aláró mọ ẹni tó ń bọ̀, ohun tó fẹ́, iye tó fẹ́, bí yóò ṣe sanwó, ọjọ́ tó lè wá. "Bẹ́ẹ̀ ni, kó wá ní Ọjọ́bọ̀" nìkan ló kù tí yóò sọ. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí a ti ní màmá jẹ́rìí sí nǹkan kan. Bí màmá bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, ó ní òtítọ́ kan tó lè sọ láìbẹ̀rù: "A jọ dá àjọ fún ọdún méjì, kì í pẹ́ san tirẹ̀." Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fi àjọ náà sọ́kàn. Ẹni tí kò bá rí wa ṣe nǹkan kan rí kò lè sọ̀rọ̀ wa dé ibì kankan, bó ti wù kó fẹ́ràn wa tó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò kàwé, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àwa tó ń kọ èyí, ìwé mẹ́fà la kà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín tẹ̀ ẹ́ lórí Wátsáàpù, tàbí kí ẹ fi ohùn yín sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ohùn, méjì náà ni kó jẹ́, kí èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, kí ẹ sì lọ síbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sí. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin tí a fi kí ìyá, tí a kí ọmọ, tí a ṣàdúrà, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ débi pé yóò fi ránṣẹ́.

A tún sọ fún un pé kó wo àkókò. Ọ̀sẹ̀ tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí oṣù Kejìlá, aláró kò ráyè jẹun, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àlejò. Bí òjò bá sì ń rọ̀ lójoojúmọ́, aṣọ kì í tètè gbẹ, ọjà kì í pọ̀ nílẹ̀, àwọn oníbàárà àtijọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn. Lẹ́yìn ọdún ló dára jù.

Màmá fi mẹ́séèjì náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi wé ara wọn. Aláró ní kó wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó lọ, ó ra ogún, ó sanwó rẹ̀ pé. Nígbà tó dé Yábà tó fi omi wẹ́ẹ́ dán an wò, àró mẹ́ta nínú wọn ń ṣí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Wọ́n á pe alárenà: "Mọ̀mí, ẹ wo ohun tí èèyàn yín ṣe fún mi!" A ti kìlọ̀ fún un. Aláró fúnra rẹ̀ ló pè, ó ya fọ́tò, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, aláró sì pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tó tún lọ. Ohun tó pe màmá Balógun fún ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn yàtọ̀: "Mọ̀mí, mo débẹ̀, mo ra ogún, mo sanwó tán, kò sí gbèsè kankan. Ẹ ṣé o." Ìpè ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń dá oorun mọ́ alárenà lójú ni pé kò mọ bí ó ti parí. Ẹni tó bá gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó rí i.

Àwa ìgbìmọ̀ jiyàn lórí ẹ̀bùn. Àwọn kan ní ó yẹ kó ti ṣèlérí nǹkan fún màmá kó tó bẹ̀rẹ̀. Èrò ti àwa tó ń kọ èyí ni pé kò dára. Tí o bá ti ṣèlérí owó lórí ọjà, o ti sọ ọ́ di làádà, màmá sì ti di baálé Sábó, aláró lè bi í léèrè gbèsè lọ́la. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ọmọ wa mú aṣọ yàádì márùn-ún kan lọ kí màmá. Ìyẹn ti tó, ìyẹn sì dára.

Ẹnì kan wà tí kò yẹ kí á bẹ̀ ẹ́ rárá, ẹni tó ń tà á fún wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Mushin ń ra ìrẹsì àpò méjì, àpò mẹ́ta, lọ́wọ́ ìyá kan. Ó wá ní kí ìyá náà mú òun lọ sọ́dọ̀ alátapọ̀ tó ti ń rà ní Daleko. Kí ni ìyá náà yóò jẹ? Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi oúnjẹ ara rẹ̀ tọrẹ. Ìyá náà kò dá a lóhùn, ọmọ yẹn sì ń pè é ní alára-òdì títí di òní. Tó bá jẹ́ àwa ni, ẹni tó ń ta nǹkan mìíràn fún alátapọ̀ náà la ó wá, bí ẹni tó ń ta àpò òfìfo tàbí ẹni tó ń fi mọ́tò kó ẹrù rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tí wọ́n máa pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n débi tí ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn?" Ẹlòmíràn kàn ń kí èèyàn lójú ọ̀nà lásán ni, ó sì tì í lójú láti sọ ọ́.

Tí mẹ́séèjì bá ti lọ tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá tún gbọ́ "a ó rí sí i", rárá ni o. Ẹ má dúró kó di ìjà. Ẹ̀yin ni kí ẹ tú wọn sílẹ̀: "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká fi ti ìyẹn sílẹ̀ ná, mo ti ń wá ọ̀nà mìíràn." Màmá náà á mí kanlẹ̀, ẹ ó sì lè máa wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ láìwo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń bẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀. Ẹ sọ ọ́ síta fún apá méjèèjì, lórí fóònù kan náà, kí àkọsílẹ̀ wà: "Mo mọ̀ ọ́n nínú àjọ. N kò dúró fún un. Ẹ bá ara yín ṣe é." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Ká ní ẹni tiwa sọ ọ́ lọ́jọ́ aṣọ ọmọdé yẹn ni, kì bá má san gbèsè olówò kan fún oṣù mẹ́fà.

Ọmọ Tejúoṣó náà ti lọ sí Ìtòkú tó ẹ̀ẹ̀méje báyìí. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, nígbà tó ń kó ogún rẹ̀ sínú àpò, aláró fúnra rẹ̀ ló fa mẹ́wàá mìíràn yọ, ó ní kó máa gbé e lọ, kó wá sanwó tó bá tún ń bọ̀. Àwìn tó ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dúró fún un. Ó pe màmá Balógun láti sọ fún wọn, màmá sì ní, "Ìwọ àti òun nìyẹn o, mi ò sí níbẹ̀," àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.